Ìpolówó àtìgbàdégbà: bí ẹ̀dá ìtàn kan ṣe ń so oníbàárà mọ́ ìpékeré kan

Ìpolówó àtìgbàdégbà ni ìpolówó ọjà kéékèèké tí wọ́n so mọ́ra wọn bí eré. Apá kan á jáde lónìí, òmíràn á tẹ̀ lé e lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ̀dá ìtàn kan náà ló sì máa ń wà nínú gbogbo wọn. Lórí rédíò, apá kọ̀ọ̀kan sábà máa ń jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 30 tàbí 60. Kì í ṣe gbajúmọ̀ tí wọ́n sanwó fún pé kó yin ọjà là ń sọ o. Ẹ̀dá yìí ní ìwà tirẹ̀, ó sì ní ohun kan tó ń wá lójú méjèèjì tí kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ìpanu ló nílò irú ìpolówó yìí jù. Owó rẹ̀ kò pọ̀, kò sì sí ẹni tó ń jókòó gbèrò kó tó rà á. Ní Adó-Èkìtì, láti Ọjà Ọba dé Fájuyì, ìpékeré kún inú ọ̀rá tí kò lórúkọ lára, èyí tó bá sún mọ́ ọwọ́ ni èèyàn ń mú. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n máa béèrè tirẹ̀ gan-an ní láti jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn kí wọ́n tó dé ìdí àtẹ. Ẹ̀dá ìtàn tó ń padà wá ń dín iṣẹ́ yẹn kù. Apàlọ́ kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé ẹni tí Ìjàpá jẹ́. Tó bá ti dárúkọ rẹ̀, ọmọdé ti mọ̀ pé ọ̀kánjúà kan ń bọ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní apá kẹta ìpolówó: àwọn tó ń gbọ́ ti mọ ẹni náà, gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 30 yẹn á wá ṣẹ́ kù fún ọ̀rọ̀ gan-an.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń din ìpékeré l'Ádó ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀dá ìtàn wọn ni Tíṣà Àgbà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Ìkẹ́rẹ́. Ohùn rẹ̀ wúwo, ilé ni ó ń pè ní "ulé", ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé yìí: kó dá jẹ ọ̀rá ìpékeré kan tán láìfún ẹnikẹ́ni. Ní apá kìn-ín-ní, ó fi í pamọ́ sínú àpótí ìwé, ọmọ ọmọ rẹ̀ rí i. Ní apá kejì, ó wọ ọgbà lọ jẹ ẹ́, aládùúgbò yọjú. Apá kẹta ni mo fẹ́ ká wò dáadáa.

Tíṣà Àgbà wọ mọ́tò Adó ní Ìkẹ́rẹ́. Ó wò yíká, kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ó já ọ̀rá rẹ̀. Ó jẹ ẹyọ kan, ó ró kẹ́kẹ́. Gbogbo mọ́tò dákẹ́.
"Bàbá, ẹ kú oúnjẹ o."
"Èmi? N kò jẹ nǹkan kan."
Ó tún jẹ ẹyọ kan, díẹ̀díẹ̀. Kẹ́kẹ́! Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn wá dárúkọ ìpékeré náà gan-an: tiyín rèé, àbí? Ẹ fún wa ńbẹ̀. Kí mọ́tò tó dé Adó, ọ̀rá ti ṣófo.

Ẹ kíyè sí ohun tó tú u fó. Gbígbẹ ìpékeré náà ni. Ẹ fi ẹ̀pà sísè rọ́pò rẹ̀, kò ní sí ariwo, ìtàn sì parí nìyẹn. Ìdánwò tí mo kà sí jù nínú iṣẹ́ yìí rèé: ẹ yọ ọjà náà kúrò, kí ẹ fi ìpanu mìíràn sí i. Bí ìtàn bá ṣì dúró, ọjà yẹn kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀, àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín sí Tíṣà, wọn á sì gbàgbé ohun tó ń jẹ. Àwọn tó ṣe ìpolówó kọfí Nescafé Gold Blend ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1987 sí 1993 mọ èyí dáadáa. Apá 12 ni wọ́n ṣe, ó dá lórí ọkùnrin àti obìnrin kan tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò. Obìnrin náà ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn ọkùnrin yẹn láti yá kọfí fún àwọn àlejò rẹ̀. Kọfí ló mú wọn pàdé, ìfẹ́ wọn ni àwọn èèyàn sì ń retí títí dé òpin.

Ọ̀rọ̀ tó ṣòro jù ni bí apá kan ṣe máa so mọ́ èkejì. Ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ apá kẹta nínú mọ́tò gbọ́dọ̀ lóye rẹ̀ láìgbọ́ ti ìṣáájú. Nítorí náà, wàhálà apá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó sì parí níbẹ̀. Ìfẹ́ ọkàn Tíṣà nìkan ni kì í parí. Ẹ sì jẹ́ kí apá kan wà lórí afẹ́fẹ́ dáadáa kí òmíràn tó dé, torí ẹni tó kọ ọ́ ló máa ń kọ́kọ́ sú, àwọn tó ń gbọ́ kò tíì gbọ́ ọ tó.

Ohùn òṣèré náà ni ojú Tíṣà lórí rédíò. Bó bá lọ ní apá kẹrin, ẹ̀dá náà ti kú nìyẹn. Kí ẹ tó gba ohùn sílẹ̀ rárá, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ilé iṣẹ́ ló ni orúkọ àti ìwà Tíṣà, kí ẹ sì gba ohùn apá mẹ́fà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tún ṣe ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ ìjọba. Òfin 2022 ti ARCON, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìpolówó ọjà ní Nàìjíríà, ní kí ìgbìmọ̀ wọn yẹ ìpolówó wò kó tó jáde, ti oúnjẹ sì ń kan NAFDAC pẹ̀lú. Ìpolówó kan ni apá kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ ṣáájú, kí apá kẹrin má bàa há síbì kan nígbà tí àwọn èèyàn ń retí rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí Tíṣà sọ pé ìpékeré ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ń wo àìsàn ìtọ̀ ṣúgà. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ́pọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà, ṣùgbọ́n wọn kì í gbà kí ìpolówó oúnjẹ sọ pé ó ń wo àrùn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́, ìdí àtẹ ni ẹ ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹ bi àwọn tó ń rà ní ìbéèrè méjì: ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú ìpolówó yẹn, kí ló sì ń jẹ? Bí wọ́n bá mọ Tíṣà, àmọ́ tí wọ́n kàn ní "ìpékeré", owó yín ń polówó fún gbogbo ẹni tó ń din ìpékeré l'Ádó. Ẹ jẹ́ kí Tíṣà fúnra rẹ̀ dárúkọ ọjà náà ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ya ojú rẹ̀ pẹ̀lú awò sára ọ̀rá, kí ẹni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lè rí i lórí àtẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ìyá tó ń tà á pé kí ni wọ́n ń ṣe bó bá tán. Àwọn tó mú òmíràn kò tíì di oníbàárà yín, àwọn tó ní "ìgbà wo ni wọ́n ń gbé e wá?" ni ìpolówó ti mú.

Ṣùgbọ́n kẹ́kẹ́ yẹn ti di ìlérí. Bí ẹ kò bá lẹ ẹnu ọ̀rá pa dáadáa, afẹ́fẹ́ á wọlé, ìpékeré á rọ̀, pàápàá lásìkò òjò, ẹni tó gbọ́ Tíṣà lórí rédíò á sì rà á lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ fi ọ̀rá díẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tà á, kí ẹ já a, kí ẹ jẹ ẹ́, kí ẹ tó sanwó fún apá kìn-ín-ní.