Èèwọ̀ oògùn ni, kì í ṣe ìbáṣepọ̀

Ìwé ìkìlọ̀ kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ lóṣù tó kọjá, “Ìbáṣepọ̀ Oúnjẹ àti Oògùn” ni wọ́n kọ gàdàgbà sí orí rẹ̀. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì bí mi nínú. “Interaction” òyìnbó, ìyẹn kí oúnjẹ máa da iṣẹ́ oògùn rú, ni wọ́n túmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rí ìbáṣepọ̀ á rò pé oúnjẹ àti oògùn ti di ọ̀rẹ́, bí ọkàn rẹ̀ kò bá tilẹ̀ lọ síbi tí kò yẹ. Ìkìlọ̀ wá dà bí ìwé ìpè ìgbéyàwó.

Èèwọ̀ oògùn ni èmi ń kọ ní tèmi. Oníṣègùn ilẹ̀ wa kì í gbé oògùn fúnni kó má sọ èèwọ̀ rẹ̀: má jẹ ti ibí, má mu ti ọ̀hún, títí tí yóò fi tán. Ìyá tí kò rí ilẹ̀kùn ilé ìwé rí mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń béèrè lọ́wọ́ òun. Ẹnìkan tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ ní èèwọ̀ ti jẹ mọ́ òrìṣà jù, pé àwọn onígbàgbọ́ á sá fún un. Àwọn onígbàgbọ́ tí mo mọ̀ ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ pé èèwọ̀ ni kí ọmọ gbé ọwọ́ sókè sí ìyá rẹ̀.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má pe aléjì ní èèwọ̀ o. Èèwọ̀ oògùn ní ọjọ́ tó ń parí. Ohun tí ara kọ̀ kì í dúró de oògùn: o fi kan ẹnu, ètè wú, ara ń yún, èémí ò já gaara mọ́. “Ara kọ̀ ọ́” ni kí a kọ, ká sì fi orúkọ tó tọ́ tì í. Wọ́n ń túmọ̀ wọ́nọ́ọ̀tì òyìnbó sí àsálà, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní awùsá, bẹ́ẹ̀ igi méjèèjì kò bára tan rárá. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ wọ́nọ́ọ̀tì á máa sá fún àsálà, á sì jẹ kéèkì tí wọ́n rún wọ́nọ́ọ̀tì sí.

Wàrà ló ká mi lára jù. Màmá kan ládùúgbò wa ń lo sipiró onímílígíráàmù 500 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ọjọ́ 7 ni wọ́n ní kí wọ́n fi lò ó. Ìwé tí wọ́n fún wọn ní kí wọ́n má mu wàrà. Lọ́jọ́ kẹrin, ìtọ̀ ṣì ń ta wọ́n. Mo ní, “Màmá, kí lẹ fi ń gbé oògùn yìí mì?”

“Tíì ni.”

“Mílíkì wà níbẹ̀?”

“Tíì wo ni ò ní mílíkì? Ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kan wàrà o.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wàrà tí wọ́n mọ̀ ni èyí tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kiri, tí a ń dín. Mi ò lè búra pé mílíkì nìkan ló fà á, àmọ́ kò jẹ́ kí oògùn ríṣẹ́ ṣe dáadáa. Kálísíọ̀mù inú rẹ̀ ló ń dì mọ́ oògùn, bí ìgbà tí ọlọ́pàá fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kan so èèyàn méjì pọ̀: ẹnu ọ̀nà ara ìfun ò gbà ju ẹnì kan lọ, ni àwọn méjèèjì bá gba inú ìgbẹ́ jáde. Ohun tí mo kọ rọ́pò ni: “Ẹ má fi mílíkì, yógọ́ọ̀tì, nọ́nọ̀ tàbí wàrà gbé oògùn yìí mì. Omi ni kí ẹ lò.” Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin àti oògùn olómi funfun tí a ń mu fún ọgbẹ́ inú náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí sipiró ṣáájú wọn ní wákàtí 2, tàbí kó tẹ̀lé wọn lẹ́yìn wákàtí 6.

Ti oògùn fílájì tún wà níbẹ̀. “Ẹ má mu ọtí,” ó tán. Ẹni tó ń gbé àgbo jẹ̀dí mì ní ìdájí ò ka ara rẹ̀ sí ọ̀mùtí, bẹ́ẹ̀ inú ọgógóró ni wọ́n ti rẹ òmíràn. Ìyá alágbo fúnra rẹ̀ á bi ọ́ pé, “Olómi àbí ọlọ́tí?” Ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀! Mo kọ ọ́ báyìí: “Ẹ má mu bíà, ẹmu, ògùrọ̀, ọgógóró tàbí àgbo ọlọ́tí títí oògùn yóò fi tán, àti ọjọ́ 3 lẹ́yìn rẹ̀.” Ẹnìkejì mi nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ ní ó ti gùn jù fún ara páálí oògùn. Kí wọ́n yọ àwòrán dókítà tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ kúrò, àyè á yọ.