Bí A Ti Ń Ṣe Nílé Wa, Èèwọ̀ Ibòmíràn: Ṣé Ìwà Kan Wà Tó Burú Níbi Gbogbo?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Olùkọ́ wa ní yunifásítì sọ pé kò sí ìwà tó dára tàbí tó burú fúnra rẹ̀, pé ohun tí ìlú bá gbà ló tọ́ fún ìlú náà. Mo ní mi ò gbà. Ó wá bi mí pé, "Àwọn ará Kàlábà ń pa ìbejì láyé àtijọ́, ẹ̀yin Yorùbá ń kẹ́ ìbejì. Ta ló fi ọ́ ṣe adájọ́ láàárín yín?" Ẹnu mi wọhò. Kí ni ǹ bá ti sọ?

Ìdáhùn: Àpẹẹrẹ tó mú dára gan-an, ṣùgbọ́n kò gbè é lẹ́yìn tó bó ṣe rò.

Láàárín àwọn Ẹ́fíìkì, àwọn Ìbíbíò àti àwọn ará Okoyọ́ńgì, bí obìnrin bá bí ìbejì láyé ọjọ́un, jìnnìjìnnì á bo gbogbo agbo ilé. Wọ́n gbà pé ọkùnrin kan kì í bí ọmọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, pé ẹ̀mí burúkú ló ni ọ̀kan nínú wọn. Èwo ni ọmọ ènìyàn, èwo ni ti ẹ̀mí? Kò sẹ́ni tó lè sọ. Wọ́n á kó méjèèjì sínú ìkòkò, wọ́n á gbé wọn lọ sígbó, wọ́n á sì lé ìyá wọn jáde nílùú.

Lọ́dọ̀ tiwa, a ń ki ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn pé ó sọ alákìísà di aláṣọ. Bí ọ̀kan bá kú, a gbẹ́ ère ìbejì, ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa fún un lóúnjẹ bí ẹni pé ọmọ náà ṣì wà. Ṣùgbọ́n má gbàgbé pé àwa náà kò ka ìbejì sí ọmọ lásán. Ẹdun là ń pè wọ́n, a sì gbà pé agbára tó lè là ni, tó sì lè pa ni, wà lọ́wọ́ wọn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu kan tilẹ̀ sọ pé àwọn baba ńlá wa bẹ̀rù ìbejì rí, àfìgbà tí Ifá ní kí wọ́n máa gẹ̀ wọ́n ni wọ́n yíwọ́ padà.

Ó yá, kí ni ìlú méjèèjì ń bá ara wọn jiyàn lé lórí gan-an? Ní Kàlábà ọjọ́un, bí ẹnìkan bá pa ọmọ aládùúgbò rẹ̀ tí kì í ṣe ìbejì, apànìyàn ni wọn yóò pè é. Wọ́n mọ̀ pé a kì í pa ọmọ ènìyàn. Wọ́n tún mọ̀ pé àgbà ilé gbọ́dọ̀ gba ará ilé rẹ̀ lọ́wọ́ ewu. Àwa náà mọ méjèèjì. Ohun tí a kò fẹnu kò sí ni ohun tó wà lórí ẹní níbi tí wọ́n tẹ́ àwọn ọmọ náà sí. Wọ́n ní ewu ni, a ní ìbùkún ni. Àríyànjiyàn nípa bí ayé ṣe rí nìyẹn, kì í ṣe nípa ohun tó tọ́ láti ṣe.

Ọ̀nà tí mo fi ń dán irú ọ̀rọ̀ yìí wò rèé, o lè lò ó níwájú olùkọ́ rẹ. Fi ọkàn yí ohun tí àwọn ènìyàn náà gbà gbọ́ nípa ayé padà, kí o fi ohun tí wọ́n kà sí iyebíye sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí ìdájọ́ wọn bá yí, a jẹ́ pé ìmọ̀ ló yà yín. Bí kò bá yí, nígbà náà ni ìwà fúnra rẹ̀ ń fà á.

Ti ìbejì yìí, ìtàn ti dán an wò fún wa. Mary Slessor, obìnrin ará Sìkọ́tílándì kan, dé Kàlábà lọ́dún 1876, ó lọ gbé láàárín àwọn ará Okoyọ́ńgì láti 1888, ó sì kú ní agbègbè náà lọ́dún 1915. Ó ń gba ìbejì tí wọ́n jù nù, ó ń tọ́ wọn nínú ilé ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà dàgbà lójú gbogbo ayé. Wọ́n ń ponmi, wọ́n ń bá ẹgbẹ́ wọn ṣeré, kò sí ìlú tó pa run nítorí wọn. Òótọ́ ni pé òfin ìjọba àwọn òyìnbó lọ́wọ́ nínú bí àṣà náà ṣe dópin, ṣùgbọ́n òfin nìkan kì í mú kí ìyá tẹ́wọ́ gba ọmọ tó ń bẹ̀rù. Nígbà tí ẹ̀rù lọ, ìfẹ́ ọmọ tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló kù. Kò sẹ́ni tó ní láti kọ́ wọn pé ọmọ dára.

Ibi tí olùkọ́ rẹ ti fo kòtò kan láìwo ìsàlẹ̀ nìyí. Láti inú "ìlú méjì kò fẹnu kò," ó bọ́ sí "ìlú méjèèjì ló tọ̀nà." Nílé wa, àwọn kan ní oòrùn ló ń fa ibà, àwọn kan ní ẹ̀fọn ni. Àìfẹnukò yẹn kò sọ oòrùn di ohun tó ń fa ibà fún ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀.

Kí o sì bi í léèrè pé ta ni "ìlú" tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ìyá ìbejì tí wọ́n lé wọ igbó, ará ìlú ni òun náà.

Ìbéèrè: Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Olùkọ́ ọmọ mi ní ọmọ náà ń yájú sí òun, pé bí òun bá ń bá a wí, kì í wo ojú òun. Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo kọ́ ọ pé kó má wo àgbà lójú. Ta ló tọ̀nà?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin méjèèjì, mà, kò sì sí ìjà níbẹ̀. Bíbọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń kọ́ ni lọ́gbọ́n ni ẹ̀yin àti olùkọ́ náà jọ ń fẹ́. Ojú wíwò àti ojú gbígbé sílẹ̀ dà bí èdè méjì tí a fi ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Kwasi Wiredu, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Gánà, tẹnu mọ́ ìyàtọ̀ yìí gan-an: àṣà ni bí a ṣe ń kíni, bí a ṣe ń wọṣọ, bí a ṣe ń sìnkú, àyè sì wà kí ó yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ìwà ni bí a ṣe ń ro ti ẹlòmíràn mọ́ tiwa nígbà tí ohun tí a fẹ́ ṣe bá kàn án. Ẹ ṣàlàyé fún olùkọ́ náà, kí ẹ sì kọ́ ọmọ ní èdè kejì.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe pé "ohun tó tọ́ níbi gbogbo" yìí ni òyìnbó fi gbàlú lọ́wọ́ wa? Ó sàn kí kálukú máa ṣe tirẹ̀.

Ìdáhùn: Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti ń dunni, ẹ̀yin sì kọ́ lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́. Lọ́dún 1947, nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń múra láti kọ Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa àṣà ènìyàn ní Amẹ́ríkà kọ̀wé ìkìlọ̀ sí wọn. Melville Herskovits, tó ti ṣe ìwádìí ní Dàhòmì, ló kó ipa tó pọ̀ jù nínú ìwé náà. Ó ń bẹ̀rù pé àṣà àwọn òyìnbó nìkan ni wọn yóò kọ sílẹ̀, tí wọn yóò sì pè é ní ti gbogbo ayé. Ẹ̀rù yẹn tọ́, nítorí púpọ̀ nínú wa ṣì wà lábẹ́ àmúnisìn nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìbò ṣe lọ ní Páríìsì lọ́jọ́ 10 oṣù Kejìlá, 1948. Orílẹ̀-èdè 48 fọwọ́ sí i, kò sí èyí tó lòdì sí i, 8 kò sì dá sí i. Ọ̀kan nínú àwọn 8 náà ni Gúúsù Áfíríkà, níbi tí ìjọba ìyàsọ́tọ̀ àwọ̀ ti gbàjọba lọ́dún yẹn gan-an. Bí ohun tí ìlú gbà bá jẹ́ òpin ọ̀rọ̀, kí ni ẹnikẹ́ni yóò sọ fún wọn? "Àṣà tiwa nìyí" ni wọn yóò wí, ọ̀rọ̀ á sì tán. Apata tí a fẹ́ fi dáàbò bo aláìlágbára, alágbára náà lè gbé e. Lọ́dún 1999 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan náà wá ṣe ìkéde tuntun tó ti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lẹ́yìn.

Àti pé, nígbà tí ẹ bá sọ pé kò yẹ kí ìlú kan fi tipátipá gba ìlú mìíràn, ṣé ìyẹn náà tọ́ fún àwa nìkan ni, àbí ó de òyìnbó náà? Bó bá de òun náà, ẹ ti gbà pé ohun kan wà tó tọ́ níbi gbogbo. Èmi gbà bẹ́ẹ̀. Ìbínú wa sí àmúnisìn kò ní ẹsẹ̀ mìíràn tó lè fi dúró.

Nípa ìdánwò tí mo sọ lókè, ẹ ṣọ́ra fún ìgbàgbọ́ tó ń mówó wọlé. Àwọn tó ń ta ẹrú sọ pé ènìyàn dúdú kì í ṣe ènìyàn pípé. Ẹ má kà á sí àìmọ̀ bíi ti ìbejì. Ẹ̀rí wà níwájú wọn lójoojúmọ́, ìgbàgbọ́ náà kò mì, ẹni tó dì í mú ló sì ń jèrè rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ ti sọ ti Kàlábà, ó rọrùn. Olókùn Ẹṣin Ọ̀yọ́, ìjòyè tó máa ń bá Aláàfin kú láyé àtijọ́, ńkọ́?

Ìdáhùn: Èyí le, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé kò le.

Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní ìparí ọdún 1944. Ní oṣù Kìíní 1945, Olókùn Ẹṣin múra láti bá ọba lọ, ó ń jó kiri ìlú bí àṣà ti wí. Ìjọba àmúnisìn dá a dúró. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bá kú dípò rẹ̀.

Fi ìdánwò wa wò ó. Bí a bá mú ìgbàgbọ́ pé ọba nílò ẹni tí yóò sìn ín lọ́run kúrò, púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà yóò yí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin náà ti jẹ ayé Olókùn Ẹṣin, ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́. Yorùbá ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ìyẹn kì í ṣe èrò nípa bí ọ̀run ṣe rí, òṣùwọ̀n ni, ó ń sọ ohun tó wúwo ju ohun mìíràn lọ. Òyìnbó tó dá a dúró náà ní irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀: ogun ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, orílẹ̀-èdè rẹ̀ sì ń fi àmì ẹ̀yẹ dá àwọn tó kú fún un lọ́lá. Nítorí náà àwọn méjèèjì gbà pé ohun kan ju ẹ̀mí lọ. Wọn kò gbé e sórí ohun kan náà.

Ibi tí mo dúró sí ni pé kò yẹ kí àṣà retí ikú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ilé wa ni mo sì ti kọ́ ọ. Ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Nínú àwọn tó ń retí pé kí Olókùn Ẹṣin kú, mélòó ni ì bá gba ipò rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà? Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí ṣáájú òyìnbó. Àrẹ̀mọ ń bá Aláàfin kú tẹ́lẹ̀ rí, Aláàfin Àtìbà ló ní kí Adélù ọmọ òun má kú, kí ó jọba. Kúrunmí ti Ìjàyè ní àṣà kọ́ nìyẹn, ó kọ̀ láti tẹrí ba fún Adélù, ọ̀rọ̀ náà sì wà lára ohun tó dá ogun Ìjàyè sílẹ̀ láti 1860 sí 1862. Ọmọ Yorùbá ni Àtìbà, ọmọ Yorùbá ni Kúrunmí.

Ṣùgbọ́n pé àṣà kan burú kò sọ ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti dá a dúró, tàbí ọ̀nà tí yóò gbà. Àtìbà bá àwọn ìjòyè rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó kú. Àwọn tó wá lọ́dún 1945 pàṣẹ ni. Wọ́n wá gba ẹ̀mí kan là, òkú ọmọ ló sì wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe tán.