Ilé-iṣẹ́ ìdílé ni, àbí iṣẹ́ níta? Ìdáhùn sí ìbéèrè àwọn tó wà ní oríta

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìdílé Murdoch, tí àṣẹ ilé-iṣẹ́ ìròyìn Fox àti News Corp wà lọ́wọ́ wọn, parí awuyewuye tí wọ́n gbé dé ilé ẹjọ́. Àṣẹ bọ́ sọ́wọ́ Lachlan, ọmọ Rupert Murdoch. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì, Prudence àti Elisabeth, pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ James, gba nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.1 dọ́là lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, wọ́n sì yọwọ́. Ìròyìn yìí da ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn tí òbí wọn ní ilé-iṣẹ́ láàmú. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi wa rèé.

Ta ló wá jèrè, ọmọ tó dúró sínú ilé-iṣẹ́ àbí àwọn tó lọ?

Dídúró àti lílọ kọ́ ló pín wọn níyà. Lachlan fúnra rẹ̀ kúrò níbẹ̀ ní 2005, ó lọ dá ilé-iṣẹ́ ìdókòwò tirẹ̀ sílẹ̀, kò sì padà títí di 2014. Elisabeth dá ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ètò tẹlifíṣàn sílẹ̀ ní 2001, ilé-iṣẹ́ ìdílé sì rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2011. James lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ilé kó tó fi ìgbìmọ̀ olùdarí News Corp sílẹ̀ ní 2020. Síbẹ̀, nínú àpò àjùmọ̀ní tí ìdílé kó ìpín wọn sí, wọ́n ti kọ ọ́ pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò ní ìbò ọgbọọgba lẹ́yìn ikú bàbá wọn. Ìpín yìí ni wọ́n san owó lé lórí, kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ṣe.

Ohun mẹ́ta tó yàtọ̀ ló wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn máa ń dì sí ẹrù kan: iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ìpín tí ẹ ní, àti àṣẹ tí ẹ lè pa. Èèyàn lè ní ọ̀kan kó má ní èkejì. Ní 1978, Renato Tagiuri àti John Davis ní Yunifásítì Harvard ya irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ bí òbìrìkìtì mẹ́ta tó wọnú ara wọn: ìdílé, ìní, àti iṣẹ́. Títí di òní, ìjà tó bá bẹ́ nínú ilé-iṣẹ́ ìdílé sábà máa ń jẹ́ pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ láti inú òbìrìkìtì kan, ẹni tó ń dá a lóhùn sì wà nínú òmíràn.

Tí mo bá lọ ṣiṣẹ́ níbòmíì, ṣé ogún mi nínú ilé-iṣẹ́ ti lọ nìyẹn?

Rárá, àyàfi tí ìwé òfin ilé-iṣẹ́ náà tàbí ìwé ìhágún bá sọ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nìkan ló lè ní ìpín, nítorí náà ẹ ka méjèèjì kí ẹ tó pinnu.

Owó oṣù tí wọ́n fẹ́ san fún mi kéré sí ti ìta, ṣùgbọ́n wọ́n ní, "Ìwọ náà lo kúkú ni ín lọ́jọ́ iwájú." Ṣé kí n gbà?

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ṣi ìṣirò, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ ṣe é. Ká fi "ẹyọ" ka owó, kí oníkálukú fi owó tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Bàbá kan ní ọmọ mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí àkọ́bí wọlé, ilé-iṣẹ́ tó ẹyọ 600. Níta, wọn ìbá máa san ẹyọ 100 fún un lọ́dún, ṣùgbọ́n 60 ni ó ń gbà nílé nítorí pé "tirẹ̀ náà ni". Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára, ilé-iṣẹ́ sì dàgbà di ẹyọ 1,500. Lẹ́yìn náà bàbá kú, ìwé ìhágún sì sọ pé kí wọ́n pín in dọ́gba. Oníkálukú gba 500.

Lójú gbogbo èèyàn, ìdájọ́ òdodo nìyẹn. Ṣùgbọ́n àkọ́bí ti fi ẹyọ 40 sílẹ̀ lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́wàá, ó di 400. Tí ẹ bá yọ 400 kúrò nínú 500, ẹyọ 100 ló kù fún ẹni tó ṣiṣẹ́, nígbà tí àwọn méjì tó wà níta gba 500 gbáko lórí owó oṣù tí wọn kò dín kù. Owó tí wọ́n fi pa mọ́ lára rẹ̀ kò sọnù o. Inú ilé-iṣẹ́ ló wà, òun náà ló mú kó tó 1,500, wọ́n sì pín in fún mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó jalè níbẹ̀. Ohun tí kò sí ni ìwé.

Ẹ wo ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní wọ́n san owó rẹ̀ pé. Ẹyọ 400 ì bá ti jáde kúrò nínú ilé-iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ ì bá tó 1,100, oníkálukú ì bá sì gba nǹkan bíi 367. Àkọ́bí ti jẹ owó iṣẹ́ rẹ̀ bí òṣìṣẹ́, ó sì jẹ ogún rẹ̀ bí ọmọ. Ìjà kò ní ibi tó máa gbà wọlé.

Tí ilé-iṣẹ́ kò bá lágbára láti san owó pé, ọ̀nà kejì ni kí wọ́n díye lé e lọ́jọ́ tí ẹ wọlé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdá kan báyìí nínú ohun tó bá fi lé orí iye náà jẹ́ ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́, kó tó di pé wọ́n pín ìyókù. Kí ẹni tó máa díye náà jẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tí kì í ṣe ẹbí, kí gbogbo àwọn ọmọ yòókù sì fọwọ́ sí i nígbà tí òbí ṣì wà láàyè. Ìlérí ẹnu tí bàbá ṣe fún yín nìkan kò de àwọn àbúrò yín.

Ọdún mélòó ló yẹ kí n kọ́kọ́ lò níta?

Ọ̀pọ̀ ìdílé tó ní òfin lórí rẹ̀ máa ń fi í sí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ṣùgbọ́n ìgbéga ló yẹ kí ẹ wò ju iye ọdún lọ. Ó kéré tán, kí ọ̀gá kan tí kò mọ bàbá yín rí ti gbé yín ga lẹ́ẹ̀kan. Ìgbéga yẹn ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ó ń jẹ́ kí ẹ mọ iye tí ọjà ń san fún yín, tí ẹ fi máa dúnàádúrà nílé. Ó sì ń pa àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ lẹ́nu mọ́, àwọn tó máa sọ pé orúkọ bàbá ló gbé yín débẹ̀. Akio Toyoda ṣiṣẹ́ ní báńkì ìdókòwò kó tó wọ Toyota ní 1984, ó sì di ọdún 2009 kó tó di ààrẹ ilé-iṣẹ́ náà.

Ẹ wá iṣẹ́ sí ibi tó mọ ohun tí ilé-iṣẹ́ yín kò mọ̀. Bí ìṣirò owó bá dàrú nílé, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe é dáadáa. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ jù. Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níta sábà máa ń gba owó tí ilé-iṣẹ́ ìdílé kò lè san, òbí á sì ti dàgbà kọjá ẹni tó lè fara balẹ̀ kọ́ ọ níṣẹ́.

Bàbá mi ní kí n bá wọn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó báńkì. Ṣé ewu wà níbẹ̀?

Ó wà, òun ló sì le jù nínú gbogbo ohun tí a sọ níbí. Tí ẹ bá fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí onídùúró, gbèsè ilé-iṣẹ́ ti wọ ilé yín: bí ilé-iṣẹ́ kò bá lè san án, báńkì lè wá gba ohun ìní tiyín. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé fífi iṣẹ́ sílẹ̀ kò yọ yín kúrò. Ẹ lè ti fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn kí báńkì tó kàn sí yín. Báńkì nìkan ló lè tú yín sílẹ̀, lórí ìwé.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ wò ó bóyá ó ní iye tí kò lè kọjá, bóyá ó kan ẹ̀yáwó yìí nìkan tàbí gbogbo èyí tí ilé-iṣẹ́ bá tún yá lọ́jọ́ iwájú, àti bóyá ó ní ọjọ́ ìparí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró fún gbèsè ilé-iṣẹ́ tí ẹ kò ní ìpín kankan nínú rẹ̀, àdánù ni wọ́n ń pín fún yín láìpín èrè. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún yín ní ìpín. Kí lọ́yà tó bá yín ka ìwé náà má ṣe jẹ́ lọ́yà ilé-iṣẹ́.

Bí mo bá dúró síta tí mo kàn ní ìpín, kí ni kí n bẹ̀rù?

Ìpín kékeré nínú ilé-iṣẹ́ aládàáni lè wà lọ́wọ́ yín kó má mú kọ́bọ̀ wọlé. Àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ olùdarí ló ń pinnu bóyá wọ́n á pín èrè. Wọ́n lè fi gbogbo rẹ̀ pa mọ́ sínú iṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì máa gba owó oṣù. Ẹ kò sì ní rí i tà, torí ta ló fẹ́ ra ìdá mẹ́ta ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n yín ń darí?

Ohun méjì ló ń dáàbò bò yín: àdéhùn pé bí èrè bá wà, ìdá kan pàtó gbọ́dọ̀ di pínpín lọ́dọọdún; àti àdéhùn pé ẹni tó bá fẹ́ jáde, àwọn yòókù á ra ìpín rẹ̀, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe máa díye lé e àti iye ọdún tí wọ́n á fi san án. Kí ọdún náà wà níbẹ̀ dandan, nítorí pé sísan gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè pa ilé-iṣẹ́.

Mo ti wọlé. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àṣẹ ò ní bọ́ sọ́wọ́ mi láéláé?

Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ béèrè pé èló lẹ lè ná láìkọ́kọ́ béèrè. Bí kò bá sí iye kankan, tàbí tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń gba ẹ̀yìn yín lọ bá bàbá, tí bàbá sì ń dá wọn lóhùn, iṣẹ́ lẹ ní, ẹ kò ní àṣẹ. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀ka kan lé yín lọ́wọ́ pátápátá fún oṣù mẹ́fà, pẹ̀lú owó rẹ̀ àti èèyàn rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà, tí wọ́n sì tún ń yí ìpinnu yín padà nínú oṣù mẹ́fà náà, ìdáhùn ti dé.

Mo ti pinnu pé n kò wá. Ìgbà wo ni kí n sọ fún wọn?

Kí wọ́n tó náwó lórí ìrètí pé ẹ ń bọ̀. Òbí tó gbà pé ọmọ òun máa wọlé kì í wá ọ̀gá àgbà láti ìta, ó lè yáwó fẹ iṣẹ́ lójú, ó sì lè kọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra ilé-iṣẹ́. Gbogbo ọdún tí ẹ bá fi dákẹ́ ń jẹ nínú àkókò tí wọ́n ní láti fi kọ́ ẹlòmíì. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ má fi í ránṣẹ́ lórí fóònù, ẹ sì sọ ọ́ tán: "N kò wá" yàtọ̀ sí "kò tíì yá". Lẹ́yìn náà, ẹ bá wọn wá bí wọ́n ṣe máa rí ẹni tó máa darí ibẹ̀, nítorí ẹ lè ní ìpín níbẹ̀ síbẹ̀.