Owó Inú Ìkéde àti Owó Tó Ń Dé Ọwọ́

Iṣẹ́ mi ni láti bá àwọn tó ń wáṣẹ́ yẹ ìwé ìgbàsíṣẹ́ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Bí iṣẹ́ méjì bá dé pa pọ̀, iye owó tó pọ̀ jù ni ọ̀pọ̀ máa ń mú lójú, wọ́n á sì ti pinnu kí wọ́n tó ṣí ojú ewé kejì ìwé náà. Ọmọ ìyá aláṣọ kan ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ ni mo fẹ́ tẹ̀ lé níbí, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù àti bírò lè ṣe irú rẹ̀.

Ẹ̀yìn káńtà ìyá rẹ̀ ló máa ń jókòó sí. Bí oníbàárà ò bá sí nílẹ̀, á fa fóònù yọ, á máa wá iṣẹ́. Gbogbo ìkéde tó bá kọ̀wé sí ló máa ń ya àwòrán rẹ̀ látojú fóònù, kó tó fi síífíì ránṣẹ́. Ó ní fódà kan tó kó wọn sí, ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ déètì tirẹ̀. Mo fẹ́ràn àṣà yìí gan-an, torí pé ìkéde iṣẹ́ kì í pẹ́ lórí ayélujára. Bí wọ́n bá ti rí ẹni tí wọ́n fẹ́, wọ́n á yọ ọ́ kúrò, tàbí kí wọ́n tún un kọ. Ọjọ́ tí ìwé ìgbàsíṣẹ́ bá wá dé, kò ní sí ohun tí ẹni tó ń wáṣẹ́ máa fi wé e mọ́ àfi ohun tó rántí.

Ẹnì kan tiẹ̀ kọ̀wé sí i pé ó ti yege, kó san owó fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó fún un ní ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ó pa á rẹ́. Ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀. Àdéhùn nọ́ńbà 181 ti Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́, ti ọdún 1997, kọ̀ fún àwọn aṣojú tó ń bá ni wáṣẹ́ láti gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, àfi ìwọ̀nba ibi tí ìjọba bá yọ̀ǹda. Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ibi yòówù kí o wà, bí wọ́n bá ti ń gba owó lọ́wọ́ rẹ kí wọ́n tó rí ojú rẹ, kúrò níbẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, iṣẹ́ méjì dé. Èkíní jẹ́ iṣẹ́ akọ̀wé ìṣirò ní ọ́fíìsì kan tí kò jìnnà sí ilé wọn. Èkejì jẹ́ iṣẹ́ títa ọjà fún ilé-iṣẹ́ kan tó wà ní òdìkejì ìlú. Mi ò ní dárúkọ owó kankan. Ẹ jẹ́ ká pe owó oṣù iṣẹ́ èkíní ní ìpín 100, kí oníkálukú lè fi owó ìlú tirẹ̀ sí i. Ìkéde iṣẹ́ èkejì sọ pé owó oṣù rẹ̀ lè tó ìpín 150.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́ 150, ó ní, "Kí lo tún wá ń rò sí, ọmọ mi?"

Ó ní, "Màámi, bí ẹ bá ta aṣọ lónìí, ṣé gbogbo owó tó wọ àpò yín ni èrè?"

"Èrè kẹ̀? Owó ọjà wà nínú ẹ̀. Owó ọkọ̀ wà nínú ẹ̀. Gbèsè ẹni tó ràwìn wà nínú ẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe tèmi náà bẹ́ẹ̀."

Ìwé ìgbàsíṣẹ́ iṣẹ́ èkejì ló kọ́kọ́ ṣí, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìkéde tó ti tọ́jú. Nínú ìwé náà, owó oṣù tó dájú jẹ́ ìpín 70 péré. Ìpín 80 tó kù jẹ́ kọmíṣọ̀n, ìyẹn ìpín 1 lórí oníbàárà kọ̀ọ̀kan tó bá sanwó. Ìkéde náà ò parọ́, torí "lè tó" ni wọ́n kọ. Àmọ́ ẹni tí kò bá tọ́jú àwòrán ìkéde lè ka ìwé yìí kó má sì mọ̀ pé 150 tó wà lọ́kàn òun ti di 70.

Ó wá tẹ ọ̀rọ̀ sí ọ̀gá tó ń gbani síṣẹ́ níbẹ̀. Ó fi hàn mí kó tó fi ránṣẹ́, mi ò sì yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo dúpẹ́ fún ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́. Kí n tó fèsì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mọ ohun mẹ́ta. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, oníbàárà mélòó ni ẹni tó wà láàárín wọn ń rí lóṣù? Ìgbà wo ni kọmíṣọ̀n máa ń wọ àkáǹtì? Ta ló ń san owó ọkọ̀ àti dátà?"

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Kò béèrè iye tí ẹni tó dára jù ń rí, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè àròpín. Òǹtajà kan ṣoṣo tó mọ iṣẹ́ dójú àmì lè gbé àròpín gbogbo wọn sókè. Bí wọ́n bá to àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti orí ẹni tó rí owó kéré jù dé orí ẹni tó rí èyí tó pọ̀ jù, ẹni tó dúró láàárín gan-an ló jọ ẹni tí òun náà máa jẹ́ lóṣù díẹ̀ sí i. Ilé-iṣẹ́ tó bá mọ iye yìí tó sì sọ ọ́, ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un. Èyí tó bá yí i sọ́tùn-ún yí i sósì ti dáhùn náà nìyẹn.

Ọ̀gá náà dáhùn, a dúpẹ́. Ẹni tó wà láàárín ń rí nǹkan bí oníbàárà 40. Kọmíṣọ̀n kì í wọlé títí oníbàárà á fi san ìdá kejì owó rẹ̀, èyí sì máa ń gba oṣù méjì. Bí oníbàárà bá dá ọjà padà, wọ́n á yọ kọmíṣọ̀n rẹ̀ kúrò nínú ti oṣù tó tẹ̀ lé e. Owó ọkọ̀ àti dátà, òǹtajà ló ni ín.

Ìṣirò wá dé. Ní iṣẹ́ èkíní, nínú ìpín 100, ìpín 10 ń lọ sí owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì, ìpín 8 sì jẹ́ owó ọkọ̀. Ó ku 82. Wákàtí 8 ni iṣẹ́ lójúmọ́. Bó bá fi wákàtí 1 kún un fún lílọ àti bíbọ̀, wákàtí 9 ni. Ọjọ́ 22 lóṣù jẹ́ wákàtí 198. Nínú wákàtí 100 tó bá lò, nǹkan bí ìpín 41 ló ń mú wálé.

Ní iṣẹ́ èkejì, 70 pẹ̀lú 40 jẹ́ 110. Wọ́n á yọ 7, owó ọkọ̀ á jẹ 20, ìpè àti dátà á jẹ 8. Ó ku 75. Wákàtí 9 ni iṣẹ́, ìrìn sì jẹ́ wákàtí 3 nítorí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ, ọjọ́ 26 lóṣù. Wákàtí 312 nìyẹn. Nínú wákàtí 100, ìpín 24 ló ń mú wálé.

Ó wò ó, ó ní, "Àǹtí, bí mo bá wá rí gbogbo 80 yẹn ńkọ́?" A tún un ṣe. 150, tí a bá yọ 35 kúrò, ó ku 115. Ká pín in sí wákàtí 312, ìpín 37 ni lórí wákàtí 100. Ní oṣù tó bá tiẹ̀ ta ohun gbogbo tí wọ́n ní kó tà, wákàtí rẹ̀ ṣì kéré lówó ju ti iṣẹ́ èkíní lọ. Owó oṣù náà lápapọ̀ ló máa pọ̀ jù, 115 sí 82, mi ò sì ní fi ìyẹn pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ní gbèsè tó gbọ́dọ̀ san kíákíá, tó sì dá ara rẹ̀ lójú nídìí ọjà títa, lè mú 115 tìgboyà-tìgboyà. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kó mú un láìmọ̀ pé wákàtí 114 lóṣù ló fi ń ra ìyàtọ̀ náà.

Ibi tó dun òun gan-an ni oṣù méjì àkọ́kọ́. Kọmíṣọ̀n ò tíì ní wọlé, àmọ́ ọkọ̀ ò ní dúró dè é. 70, ká yọ 35 kúrò, ó ku 35. Ta ni yóò máa bọ́ ọ títí oṣù kẹta? Ìyá rẹ̀ ni, láti inú owó ọjà. Ìyá aláṣọ tó ti ń sọ pé kí ló tún ń rò sí dákẹ́ nígbà tó gbọ́ èyí. Ó ní, "Kí wọ́n san owó ọkọ̀ ẹ, bí wọ́n bá fẹ́ ẹ lóòótọ́."

Ìmọ̀ràn tó dáa ni. Ọmọbìnrin náà kọ̀wé padà pé òun mọ ọjà títa, ẹ̀yìn káńtà lòun dàgbà sí. Bí ilé-iṣẹ́ bá lè gbé owó ọkọ̀ fún oṣù méjì àkọ́kọ́, òun á wá. Wọ́n pè é lórí fóònù, wọ́n ní kó máa bọ̀, àwọn máa ṣètò rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fi gbólóhùn kan lórí rẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì òun. Wọ́n ní kò pọn dandan.

Ní tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti parí. Owó ọkọ̀ oṣù méjì kéré létí ilé-iṣẹ́. Bí wọn ò bá lè kọ èyí tó kéré sílẹ̀, àríyànjiyàn lórí kọmíṣọ̀n oṣù kẹfà á le gan-an, ọwọ́ rẹ̀ á sì ṣófo.

Ìṣirò yìí ní ohun tí kò lè wọ̀n. Ọjà títa ní ilé-iṣẹ́ ńlá lè kọ́ ọ ní ohun tí iṣẹ́ akọ̀wé ò ní kọ́ ọ, ẹni tó bá sì ta ọjà dáadáa fún ọdún méjì máa ń rí iṣẹ́ míì tètè. Mo sọ èyí fún un, ó sì rò ó fún alẹ́ ọjọ́ kan. Ohun tó ṣe ni pé ó béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì èkíní bóyá wọ́n lè kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n á tún owó oṣù rẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ìdánwò. Wọ́n kọ ọ́. Wọn ò ṣèlérí iye kankan, ọjọ́ àyẹ̀wò nìkan ni wọ́n fi sí i, ó sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ èkíní ní ọjọ́ Ẹtì. Kò tíì sọ fún ilé-iṣẹ́ kejì pé òun ò wá mọ́, èmi ni mo ní kó dúró. Ìwé tí ìwọ nìkan fọwọ́ sí, àbọ̀ ìwé ni. Ní ọjọ́ Ajé, PDF tí ọ̀gá ọ́fíìsì náà fọwọ́ sí padà dé sórí fóònù rẹ̀. Ó yẹ orúkọ rẹ̀, owó oṣù àti ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wò níbẹ̀, ó rí i pé wọ́n bá ohun tí wọ́n sọ mu. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá kejì, pé òun ti rí iṣẹ́ síbòmíràn, kí wọ́n má bínú.