Idán Tó Ń Dáni ní Gbèsè: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Kí ló dé tí inú fi ń bí àwọn èèyàn sí ìparí ìtàn yín?

Mo rẹ́ wọn jẹ ni. Nínú orí tó gbẹ̀yìn, àwọn ọ̀tá ká akọni mi mọ́, ló bá ṣàdédé fi ojú lásán jó wọn ráúráú. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ojú rẹ̀ ń jóni. Ká sòótọ́, èmi náà ò mọ̀ títí di alẹ́ ọjọ́ tí mo kọ ọ́.

Ṣebí ìtàn onídán ni? Kí ni kò lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?

Bí gbogbo nǹkan bá lè ṣẹlẹ̀, ewu wo ló kù? Brandon Sanderson, òǹkọ̀wé ìtàn onídán ọmọ Amẹ́ríkà, ti sọ ọ́ ní 2007: bí òǹkàwé bá ṣe lóye idán tó, bẹ́ẹ̀ ni òǹkọ̀wé ṣe lè fi í yanjú ìṣòro tó. Ẹ kíyè sí i, yíyanjú ló ní. Bó bá jẹ́ láti dá wàhálà sílẹ̀ ni, idán tí ẹnikẹ́ni ò lóye lè ṣe bó ṣe wù ú.

Ààlà àti gbèsè ńkọ́, ṣé ọ̀kan náà ni?

Rárá. Ààlà ni ohun tí idán ò lè ṣe láéláé. Gbèsè ni ohun tí ẹni tó lò ó máa san.

Ẹ fi àpẹẹrẹ hàn wá.

Nínú ìtàn tí mò ń kọ lọ́wọ́, Àdùkẹ́ lè wo ọgbẹ́ sàn. Ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan aláìsàn, kò lè wo ara rẹ̀, kò sì lè jí òkú. Bó bá ti woni tán, ojú rẹ̀ á ṣú: wákàtí kan fún ọgbẹ́ kékeré, ọjọ́ kan fún eegun tó ṣẹ́, ọjọ́ 7 fún ọgbẹ́ tó fẹ́ pani. Láti orí 3 ni òǹkàwé ti mọ èyí.

Ní orí 20, wọ́n gún àbúrò rẹ̀ lọ́bẹ. Ọ̀tá ń bọ̀ ní àfẹ̀mọ́jú, Àdùkẹ́ nìkan ló sì mọ ọ̀nà orí òkè. Kí ló ṣe? Ó dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró, ó sì yọwọ́ kí ọgbẹ́ tó jinná. Ojú rẹ̀ ṣú fún wákàtí kan péré, wọ́n sì gbé àbúrò náà lọ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Kì í ṣe ìrẹ́jẹ, torí ní orí 8 ó ń wo ẹsẹ̀ ọmọ kan, ẹnìkan kanlẹ̀kùn, ó yára yọwọ́, ojú rẹ̀ sì ṣú fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó lọ forí sọ ògiri, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo fi bo ẹ̀kọ́ ibẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ṣé kó kàn máa rẹ̀ ẹ́ ò tó?

Bó bá sùn, gbèsè ti tán. Ohun tí ẹ̀dá ìtàn nílò jù lákòókò yẹn gan-an ni kí idán gbà. Ojú tó ṣú ò fi bẹ́ẹ̀ da ẹni tó jókòó sílé láàmú. Afinimọ̀nà ló máa dà láàmú.

Kí ló yẹ kí n bẹ̀rù jù?

“Kí ló dé tí kò lò ó nígbà yẹn?” Ẹ padà sí orí 1, kí ẹ bi ìbéèrè yìí ní ibi gbogbo tí ìṣòro wà. Orí 5 ló mú mi: ẹsẹ̀ ìyá Àdùkẹ́ ṣẹ́, ó jẹ̀rora mọ́jú, ọmọ rẹ̀ sì jókòó tì í, ó ń sunkún. Mo ti tún un kọ. Ìyá náà ló kọ̀ jálẹ̀ báyìí, ó ti ọwọ́ ọmọ rẹ̀ dànù, nítorí ìrìn àjò Àdùkẹ́ ku ọ̀la.