Bí Òfin Debye àti Hückel Ṣe Ṣẹ̀

Iyọ̀ tí a rà ní ọjà Bódìjà ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní kẹ́mísírì ní Ìbàdàn. Tí a bá dà á sínú omi tí a sì rò ó, ojú kò ní rí i mọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i nínú omi yẹn da àwọn onímọ̀ láàmú fún ìgbà pípẹ́.

Ní 1887, Svante Arrhenius, ará Sweden, ṣàlàyé pé bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá yòrò, apá kan nínú rẹ̀ a pín sí áyọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn horo wínníwínní tí ó ru iná, apá kan kò sì ní pín. Àlàyé náà bá ásíìdì inú fínígà mu dáadáa. Nígbà tí wọ́n gbé e lé iyọ̀, iye tí wọ́n fi ń sọ bí ó ṣe pín tó, tí ó yẹ kí ó dúró sójú kan, ń yí bí wọ́n ti ń bu omi sí i.

Ní 1923, ní ìlú Zurich, Peter Debye àti igbákejì rẹ̀ nínú iṣẹ́, Erich Hückel, gbà pé gbogbo iyọ̀ náà ló pín, àti pé fífà tí àwọn áyọ́ọ̀nù ń fa ara wọn ni ó ń dí wọn lọ́wọ́. Áyọ́ọ̀nù sódíọ̀mù kan kì í dá wà: kílóráìdì, ìyẹn áyọ́ọ̀nù kejì inú iyọ̀, a máa pọ̀ díẹ̀ ní àyíká rẹ̀ ju àwọn sódíọ̀mù ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìkùukùu yìí ń fà á sẹ́yìn, nítorí náà a máa ṣe bí ẹni pé kò tó iye tí a wọ̀n. Iye tí a fi ń dín in kù ni γ. Bí iyọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i, ìkùukùu náà ń sún mọ́ áyọ́ọ̀nù, kò sì sún mọ́ ọn ní ìwọ̀n iyọ̀ gan-an bí kò ṣe ní gbòǹgbò ìlọ́po méjì rẹ̀. Ní omi tí ó gbóná tó 25 °C, òfin wọn ni:

log γ = −0.509 |z₊z₋| √I

z ni iye iná tí áyọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ru. I ni agbára áyọ́ọ̀nù, tí ó dọ́gba pẹ̀lú iye móòlù iyọ̀ inú lítà kan nígbà tí ó bá jẹ́ iyọ̀ ọbẹ̀ lásán.

Ẹ jẹ́ kí a wọn 0.0584 gíráàmù iyọ̀ sínú lítà omi kan. I jẹ́ 0.001, gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ 0.0316, γ sì jẹ́ 0.964, èyí tí wọ́n wọ̀n gan-an jẹ́ nǹkan bí 0.965. Nígbà tí mo bá sọ ọ́ di 5.84 gíráàmù, ìyẹn bíi ṣíbí kékeré kan, òfin náà ń sọ pé 0.69, nígbà tí òótọ́ jẹ́ nǹkan bí 0.78. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣì í, wọn a fi òfin omi iyọ̀ tí kò ki ṣèṣirò omi iyọ̀ tí ó ki.

Ohun tí ó fà á ni pé Debye àti Hückel ka áyọ́ọ̀nù sí àmì tóótó tí kò ní ìbú, wọ́n sì gbà pé iná tí ó ń fà wọ́n kéré sí ooru tí ó ń gbọ̀n wọ́n, kí ìṣirò náà lè rọrùn. Nígbà tí àwọn áyọ́ọ̀nù bá ti fún mọ́ra, ohun méjèèjì tí wọ́n gbà yìí kò jẹ́ òótọ́ mọ́. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé nínú iṣẹ́ 1923 yẹn kan náà ni wọ́n ti fi ìbú áyọ́ọ̀nù kún ìṣirò. Tí a bá sì gba ìbú náà sí 0.4 nánómítà, γ fún 5.84 gíráàmù a di 0.77.