Láti Kábà dé géètì ẹ́ḿbásì l'Ábújá: ohun tí ó ń jẹ́ kí èèyàn pàdánù àkókò físà

Ká ní ìwé ìpàdé yín sọ pé aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ní ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà, ní òpópónà Diplomatic Drive l'Ábújá. Bí ẹ bá ń gbé ní Kábà, Ìsánlú tàbí Mọ̀pà, àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni kí ẹ gbéra. Ẹ má gbìyànjú láti wọ mọ́tò òru. Tírélà sìmẹ́ńtì ló kún ọ̀nà Ọ̀bàjànà, bí ọ̀kan bá sì ṣubú, ẹ ó jókòó síbẹ̀ títí wọn yóò fi gbé e kúrò. Tí ẹ bá wá dé Lọ́kọ́jà, ọ̀nà tó jìn ṣì kù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, omi bo ọ̀nà láàárín Lọ́kọ́jà àti Kótónkárífí, ọkọ̀ kò sì lè kọjá fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ìgbà òjò, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ní gáréèjì bí ọ̀nà ṣe rí kí ẹ tó sanwó ọkọ̀.

Ibi tí ẹ máa sùn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ilé ìbátan ní Gwágwáládà tàbí Lúgbè lè rọrùn lápò, ṣùgbọ́n gosílóò ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú láàárọ̀ kò mọ ẹni tó ní ìpàdé. Gáríkì tàbí Wúsè ló yẹ kí ẹ wá ibi sùn sí, nítorí ẹ̀yin àti ẹ́ḿbásì kò ní jìnnà síra.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé náà, kí ẹ tó lọ sinmi, ẹ lọ wo géètì. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe. Ọgbà ẹ́ḿbásì máa ń ní ju géètì kan lọ: ti ọkọ̀ wà, ti òṣìṣẹ́ wà, ti àwọn tó fẹ́ gba físà sì wà lọ́tọ̀. Máàpù orí fóònù kò mọ ìyàtọ̀ wọn. Àárín ọgbà ló máa ń tọ́ka sí, yóò sì mú yín dé ẹ̀gbẹ́ ògiri tí kò ní ẹnu ọ̀nà kankan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ tó wà níta pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo ni àwọn oní-físà ti ń tò?” Ẹ kíyè sí ibi tó tọ́ka sí àti ibi tí takisí lè já yín sí, torí wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ dúró níwájú géètì. Ẹ má yọ fóònù láti ya fọ́tò ògiri náà, ìyẹn nìkan tó láti dá wàhálà sílẹ̀. Bí ìlà méjì bá wà, ẹ wò ó dáadáa, nítorí ìkan lè jẹ́ ti ọmọ ìlú Amẹ́ríkà fúnra wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, fóònù kò gbọdọ̀ bá yín lọ. Wọn kì í gbà á wọlé, wọn kì í sì í bá èèyàn tọ́jú rẹ̀. Àwọn kan máa ń dúró nítòsí pé àwọn yóò bá yín mú un lọ́wọ́ fún owó díẹ̀. Èmi kò ní fún wọn. Ẹ fi sílẹ̀ níbi tí ẹ sùn sí, kí ẹ kọ nọ́ńbà ará ilé sórí bébà, kí ẹ mú owó ọkọ̀ lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ìwé ìpàdé àti ojú ìwé ìfìdímúlẹ̀ DS-160, fọ́ọ̀mù físà tí ẹ kọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fi gbọdọ̀ jẹ́ títẹ̀ jáde, kí ẹ sì mú wọn lọ pẹ̀lú páàsípọ́ọ̀tù. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2025, nọ́ńbà tó wà lórí DS-160 gbọdọ̀ bá èyí tí ẹ fi gba ọjọ́ mu. Ẹni tó bá tún fọ́ọ̀mù kọ lẹ́yìn tó ti gba ọjọ́ ni èyí máa ń mú, nítorí nọ́ńbà tuntun ni fọ́ọ̀mù tuntun máa ń ní. Ilé ni kí ẹ ti fi ìkan wo èkejì.

Ẹ̀rọ àyẹ̀wò ló kàn. Aago ọwọ́ tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́, páwà báńkì, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò oní-rìmóòtù, oúnjẹ àti lọ́fínńdà, ilé ni kí wọ́n wà. Àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa pẹ̀lú lè dá yín dúró; lẹ́tà tí pásítọ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ ní dídì, ẹ tú u. Owó ẹyọ, bẹ́líìtì onírin àti píìnì tó di gèlè ló ń mú ẹ̀rọ dún. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí oníke kì í mú un dún. Àwọn ilẹ̀kùn ibẹ̀ wúwo, ọ̀kan kì í ṣí bí èkejì kò bá tíì tì, nítorí náà ẹni tí ẹ̀rọ dún sí lẹ́ẹ̀mẹta dá gbogbo ìlà dúró.

Bí ọ̀nà bá ti dí pátápátá tí ẹ sì rí i pé ẹ kò ní bá a, ẹ lọ sórí ìtàkùn tí ẹ ti gba ọjọ́ kí ẹ yí i padà ní kíákíá. Ẹni tí kò yọjú lásán lè ní láti san owó tuntun. Owó físà ti tẹ́lẹ̀ kì í sì í wúlò ju ọjọ́ 365 lọ lẹ́yìn tí ẹ san án.